Lẹ́tà Méjì Tó Ṣáájú IBAN, àti Ohun Tí Wọ́n Ń Sọ Nípa Àkáǹtì

Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ wà níjòkóò, ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ lókè òkun, mo kí yín o. Lẹ́tà méjì péré ni ọ̀rọ̀ mi lónìí dá lé. Bí ẹnì kan bá fi nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín láti Yúróòpù, ẹ ó rí i pé lẹ́tà ló kọ́kọ́ jáde kí nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀: GB, DE, FR, LT. Púpọ̀ nínú wa ló máa ń fojú fò wọ́n dá, tá a máa sáré lọ síbi tí nọ́ńbà pọ̀ sí. Àwọn tó sì ń wò wọ́n náà, ọ̀pọ̀ ló ń gbọ́ ohun tí lẹ́tà wọ̀nyí ò sọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ̀kan sílẹ̀ ká jọ wò ó. Nọ́ńbà àpẹẹrẹ ni, kò sẹ́ni tó ni ín:

```
GB82 WEST 1234 5698 7654 32
```

Ohun tí wọ́n ń pè ní IBAN nìyí. GB ni orúkọ orílẹ̀-èdè. 82 tó tẹ̀ lé e ni nọ́ńbà àyẹ̀wò, a máa padà sórí ìyẹn. Gbogbo ohun tó kù lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ ti orílẹ̀-èdè náà fúnra rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń to nọ́ńbà àkáǹtì lọ́dọ̀ tiwọn láti ọjọ́ pípẹ́. Ní Ìlú Ọba, lẹ́tà mẹ́rin tó dúró fún báńkì ló máa kọ́kọ́ wá, níhìn-ín WEST. Lẹ́yìn náà ni nọ́ńbà mẹ́fà tó ń tọ́ka ẹ̀ka báńkì, 123456, kó tó wá kan nọ́ńbà mẹ́jọ tó jẹ́ ti àkáǹtì gan-an, 98765432. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ méjìlélógún. Ti Nọ́wè kò ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, ti Faransé jẹ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ti Malta sì dé mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà iye tó yẹ kó kà àti bó ṣe yẹ kó gé e. Bí ẹ bá yọ wọ́n kúrò, ìyókù kò ní ìtumọ̀ mọ́, nítorí pé kò sẹ́ni tó lè mọ ibi tí nọ́ńbà báńkì parí sí tí ti àkáǹtì ti bẹ̀rẹ̀.

Inú ìlànà àgbáyé tó ń jẹ́ ISO 3166 ni wọ́n ti mú lẹ́tà méjì náà, ìyẹn ìlànà tó fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà méjì tirẹ̀. IBAN fúnra rẹ̀ ní ìlànà tirẹ̀, ISO 13616, tó kọ́kọ́ jáde ní 1997. Àwọn SWIFT, tí báńkì ń lò láti ránṣẹ́ owó síra wọn kárí ayé, ló ń tọ́jú ìwé àkọsílẹ̀ orílẹ̀-èdè tó ń lò ó. Ẹ ṣọ́ra, nítorí pé orúkọ tí àwa ń pe àwọn orílẹ̀-èdè yìí kọ́ ni lẹ́tà wọn máa ń bá mu. Jámánì ń lo DE nítorí orúkọ tí wọ́n ń pe ilẹ̀ wọn ní èdè wọn. Sípéènì ń lo ES fún ìdí kan náà. Súwísáláńdì ń lo CH, látinú orúkọ wọn ní èdè Látìn, ẹni tó bá rí CH tó sì rò pé Ṣáínà ni ti ṣìnà, CN ni ti Ṣáínà, Ṣáínà kò sì lo IBAN rárá. Ìlú Ọba kò lo UK, GB ni tiwọn. Bí ẹ bá rí IBAN tó fi UK bẹ̀rẹ̀, ẹ má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ síbẹ̀. Kò sí irú rẹ̀.

Kí wá ni lẹ́tà méjì yìí ń sọ? Wọ́n ń sọ ibi tí wọ́n ti ṣí àkáǹtì náà, tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀, lábẹ́ ètò báńkì orílẹ̀-èdè wo. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn parí sí. Ẹ wo nọ́ńbà mọ́tò lọ́dọ̀ wa. Bí ẹ bá rí KJA lára ọkọ̀, ẹ mọ̀ pé ìjọba ìbílẹ̀ Ìkẹjà ni wọ́n ti gba nọ́ńbà náà. Ẹni tó ni ọkọ̀ lè jẹ́ ọmọ Oǹdó, ọkọ̀ náà sì lè má tíì kúrò ní Kano láti ọdún mẹ́ta. KJA kò sọ ìyẹn fún yín, kò sì purọ́ fún yín.

Ẹ jẹ́ ká wá mú báńkì tá a mọ̀. Zenith Bank ní oríkò rẹ̀ l'Ékòó, ó sì tún dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ní ìwé àṣẹ ti Ìlú Ọba. Bí ọmọ yín bá ṣí àkáǹtì lọ́dọ̀ ti Lọ́ńdọ̀nù, GB ni IBAN rẹ̀ máa fi bẹ̀rẹ̀. Àkáǹtì tí ẹ̀yin ní lọ́dọ̀ ti Èkó kò ní IBAN kankan. Orúkọ kan náà ló wà lára ilé méjèèjì, ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè méjì ni wọ́n ti ń ṣe ìwé. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún báńkì ńlá ti Jámánì, Deutsche Bank: àkáǹtì tí wọ́n bá ṣí ní ẹ̀ka Lọ́ńdọ̀nù, GB ló máa gbé, kò ní gbé DE. Oríkò báńkì kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Orílẹ̀-èdè ẹni tó ni àkáǹtì náà kò sí níbẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń gbé ní Dọ́blìn máa ní IBAN tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú IE, gẹ́gẹ́ bí ọmọ Áyálándì tí wọ́n bí síbẹ̀ ṣe ní in. Irú owó tó wà nínú àkáǹtì náà kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú, ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń kọsẹ̀. Wọ́n á rí GB, wọ́n á ní pọ́ùn ni. Àkáǹtì yúrò wà ní Lọ́ńdọ̀nù, àkáǹtì dọ́là wà níbẹ̀, GB ni gbogbo wọn fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fi yúrò ránṣẹ́ sí àkáǹtì tó jẹ́ ti pọ́ùn, báńkì tó gbà á lè ṣẹ́ ẹ sí pọ́ùn ní iye tó wù ú, kí owó yín sì dín kó tó débẹ̀. Nítorí náà, ẹ béèrè irú owó tí àkáǹtì náà ń gbà lọ́tọ̀, ẹ má wá a lójú lẹ́tà méjì.

Àwọn ará wa ní Kútọnù àti Pọ́tónófò ń fi ọ̀rọ̀ yìí hàn ní kedere. Orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ló jọ ń ná fáráǹkì CFA ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí báńkì àpapọ̀ wọn, BCEAO, wà ní Dàkáà. Owó kan náà ni Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ń ná. Síbẹ̀, BJ ni àkáǹtì ti Bẹ̀nẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀, TG ni ti Tógò. Ẹ wo bí ti Bẹ̀nẹ̀ ṣe rí:

```
BJ66 BJ06 1010 0100 1443 9000 0769
```

BJ jáde lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tó wà níwájú ni ti IBAN. Èyí kejì jẹ́ ara kóòdù báńkì nínú nọ́ńbà tiwọn nílé, BJ061, nítorí pé báńkì orílẹ̀-èdè mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló wà nínú ètò kan ṣoṣo, wọ́n sì nílò ohun tó máa ya báńkì Bẹ̀nẹ̀ sọ́tọ̀ sí ti Tógò tàbí ti Sẹ̀nẹ̀gà. Nígbà tí wọ́n bá ń kọ ọ́ fún yín, àwọn kan máa ń rò pé àṣìtẹ̀ ni BJ kejì, wọ́n á pa á rẹ́. Owó kò ní lọ. Tí ẹ bá gba IBAN láti Kútọnù, ẹ ka gbogbo rẹ̀: méjìdínlọ́gbọ̀n ló gbọ́dọ̀ jẹ́.

Ní báyìí, nọ́ńbà àyẹ̀wò tí mo ní a máa padà sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé lẹ́tà méjì níwájú dà bí àmì lásán tí wọ́n lẹ̀ mọ́ nọ́ńbà, pé èèyàn lè yí i padà kí ìyókù wà bó ṣe wà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà náà wà nínú ìṣirò. Ẹ jẹ́ ká ṣe é.

Wọ́n á gbé ohun mẹ́rin àkọ́kọ́, GB82, lọ sẹ́yìn pátápátá. Wọ́n á wá sọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan di nọ́ńbà: A jẹ́ 10, B jẹ́ 11, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé Z tó jẹ́ 35. W di 32, E di 14, S di 28, T di 29, G di 16, B di 11. Nọ́ńbà gígùn kan ló máa jáde:

```
3214282912345698765432161182
```

Wọ́n á fi 97 pín in, wọ́n á wo ohun tó ṣẹ́ kù. Bí IBAN náà bá pé, 1 ló gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù. Ti wa yìí, mo ti ṣe é dáadáa, 1 ló ṣẹ́ kù lóòótọ́.

Ìdí tí mo fi mú yín dé ibẹ̀ ni Áyálándì. Bí Ìlú Ọba ṣe ń to nọ́ńbà àkáǹtì gẹ́lẹ́ ni Áyálándì ṣe ń to tirẹ̀: lẹ́tà mẹ́rin fún báńkì, nọ́ńbà mẹ́fà fún ẹ̀ka, nọ́ńbà mẹ́jọ fún àkáǹtì, méjìlélógún lápapọ̀. Bí ẹnì kan bá fi IE rọ́pò GB nínú nọ́ńbà wa yìí, gígùn rẹ̀ kò yí padà, ìtòlẹ́sẹẹsẹ rẹ̀ kò yí padà, ojú èèyàn kò lè rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n I jẹ́ 18, E jẹ́ 14, nítorí náà 1611 tó wà lẹ́yìn á di 1814. Bí ẹ bá tún fi 97 pín in, 28 ló máa ṣẹ́ kù dípò 1. Kọ̀ǹpútà báńkì máa kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Kí nọ́ńbà yìí tó lè jẹ́ ti Áyálándì, 82 gbọ́dọ̀ di 55:

```
IE55 WEST 1234 5698 7654 32
```

Òun nìyẹn á kọjá nínú ìdánwò. Ohun tí ìdánwò yìí ń ṣe ni pé ó ń mú àṣìtẹ̀: ẹ tẹ 6 síbi 8, ẹ pààrọ̀ lẹ́tà kan, ó máa mú un. Kò mọ̀ bóyá àkáǹtì náà wà lóòótọ́, kò sì mọ ẹni tó ni ín. Ẹnikẹ́ni tó bá lè pín nọ́ńbà lè jókòó nílé rẹ̀ kó ṣe IBAN tó máa kọjá nínú ìdánwò yìí, bí mo ṣe ṣe ti Áyálándì níwájú yín yìí.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti wá kan owó yín. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá oníṣòwò kan l'Áláàbà ń ra ẹ̀rọ amúnáwá oòrùn lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan ní Hambọ́ọ̀gì. Ó ti sanwó fún wọn lẹ́ẹ̀mejì, DE ni IBAN méjèèjì. Ìwé owó kẹta dé nínú ímeèlì, àmì ilé iṣẹ́ náà wà lórí rẹ̀ bó ṣe máa ń wà, orúkọ akọ̀wé tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ wà nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n IBAN tó wà nínú rẹ̀ fi LT bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ kékeré kan síbẹ̀ pé báńkì àwọn àtijọ́ ń ṣe àyẹ̀wò ìwé ọdún, kí wọ́n máa sanwó síbí.

LT ni Lituéníà. LT nìkan kò tó láti pe ẹnikẹ́ni lólè, mo sì ń sọ èyí nítorí mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń gbé orí mì. Lituéníà ti fún ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì níwèé àṣẹ. Revolut, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò ní Yúróòpù, ní báńkì rẹ̀ ní Vilnius, ọ̀pọ̀ oníbàárà rẹ̀ tí kò sún mọ́ Lituéníà rí ló ní IBAN tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú LT. Wise ń fún àwọn èèyàn ní BE fún àkáǹtì yúrò, nítorí pé Bẹ́ljíọ̀mù ni ilé iṣẹ́ wọn ti Yúróòpù wà. Ilé iṣẹ́ Jámánì kan lè ní LT láìṣe ohun tí kò dáa. Àní, nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù, òfin wà láti 2012 tó sọ pé agbanisíṣẹ́ tàbí oníṣòwò kò gbọ́dọ̀ kọ IBAN ẹnì kan kìkì nítorí pé lẹ́tà orílẹ̀-èdè mìíràn nínú ìṣọ̀kan náà ló wà níwájú rẹ̀.

Ohun tó yẹ kó ba ìyá yìí lẹ́rù ni pé lẹ́tà náà yí padà láàárín ìwé owó kejì àti ìkẹta, tí ìròyìn ìyípadà náà sì gba ímeèlì wọlé. Bí àwọn olè ṣe ń ṣe é nìyẹn: wọ́n á wọ inú ímeèlì ẹnì kan nínú àwọn méjèèjì, wọ́n á dákẹ́ síbẹ̀, wọ́n á ka gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bára wọn sọ, ọjọ́ tí owó ńlá bá fẹ́ kọjá ni wọ́n á fi ìwé owó tiwọn rọ́pò. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n lè ṣe àfarawé rẹ̀, àmì ilé iṣẹ́, orúkọ akọ̀wé, ọ̀nà tó ń gbà kíni. Àkáǹtì nìkan ni wọ́n gbọ́dọ̀ yí, nítorí pé owó gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ tiwọn. Bí ibi tí wọ́n ti rí àkáǹtì ṣí bá sì jẹ́ orílẹ̀-èdè mìíràn, lẹ́tà méjì iwájú á tú àṣírí wọn.

Kí ó pe Hambọ́ọ̀gì lórí nọ́ńbà fóònù tó ti ní lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀. Nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ ìwé owó kẹta yẹn kò dára láti pè, nítorí pé ẹni tó kọ IBAN náà ló kọ ọ́. Kí ó wo kóòdù SWIFT tí wọ́n kọ mọ́ ọn pẹ̀lú. Lẹ́tà karùn-ún àti ìkẹfà nínú kóòdù SWIFT jẹ́ ti orílẹ̀-èdè: nínú DEUTDEFF, DE ni, nínú DEUTGB2L, GB ni. Bí IBAN bá ní LT tí kóòdù SWIFT sì ní DE, ẹnì kan ti da nǹkan pọ̀, kí owó dúró. Kó má sì gbẹ́kẹ̀ lé orúkọ ilé iṣẹ́ tó kọ sórí fọ́ọ̀mù pé báńkì òkèèrè á fi wé ti ẹni tó ni àkáǹtì. Láti oṣù October 2025, àwọn báńkì tó wà ní ilẹ̀ yúrò gbọ́dọ̀ fi orúkọ wé IBAN kí wọ́n tó fi owó yúrò ránṣẹ́ síra wọn, ṣùgbọ́n ètò yẹn kò dé orí owó tó ń ti Èkó lọ.

Ibì kan wà tí lẹ́tà náà kò ti sọ gbogbo òótọ́, mi ò sì fẹ́ fi í pa mọ́. Jersey, Guernsey àti Isle of Man ní ìjọba àti òfin owó tiwọn, kì í ṣe ara Ìlú Ọba, ṣùgbọ́n GB ni IBAN wọn ń lò. Bẹ́ẹ̀ náà ni Mátíníìkì àti Gúwádélúùpù ń gbé FR, tó jẹ́ pé òkun Kàríbíà ni wọ́n wà. Kósófò kò ní lẹ́tà nínú ìlànà ISO 3166, nítorí náà XK ni wọ́n ń lò, wọn kì í sì í ṣe ayédèrú.

Èyí tó lágbára jùlọ nínú ìwọ̀nyí ni IBAN tí wọ́n ń pè ní virtual IBAN, tí àwọn ilé iṣẹ́ owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì ń fún àwọn ará Nàìjíríà báyìí kí wọ́n lè gba yúrò láti ọwọ́ oníbàárà wọn lókè òkun. Nọ́ńbà náà rí bí IBAN, ó ń kọjá nínú ìdánwò 97, owó sì ń gba ibẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n kò sí àkáǹtì kankan lẹ́yìn rẹ̀ fúnra rẹ̀, ọ̀nà ni, inú àkáǹtì ńlá kan tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ náà ni owó ń já sí, wọ́n á sì kọ ọ́ sí orúkọ yín nínú ìwé tiwọn. Àkáǹtì ńlá yẹn lè má sí ní orílẹ̀-èdè tí lẹ́tà ń tọ́ka. Àwọn aláṣẹ báńkì ní Yúróòpù, EBA, kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2024, ara ohun tí wọ́n sì tọ́ka sí ni pé oníbàárà lè má mọ orílẹ̀-èdè tí òfin rẹ̀ ń dáàbò bo owó òun. Bí ẹ bá ní irú rẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn: báńkì wo ló di owó mi mú, ìlú wo ló wà? Ìdáhùn tó dájú wà fún ìbéèrè yẹn.

Ó wá kan tiwa. Nàìjíríà kò sí nínú ìwé àkọsílẹ̀ IBAN, bẹ́ẹ̀ náà ni Amẹ́ríkà kò sí níbẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́wàá tí a mọ̀ sí NUBAN, tí Báńkì Àpapọ̀ gbé kalẹ̀, ni tiwa: mẹ́sàn-án jẹ́ nọ́ńbà àkáǹtì, ìkẹwàá jẹ́ nọ́ńbà àyẹ̀wò. Brasil bọ́ sínú ètò IBAN ní 2013, nítorí náà ẹni tó ń ránṣẹ́ sí Sàfádọ̀ máa rí BR, àmọ́ ẹni tó ń ránṣẹ́ sí Ìbàdàn kò ní rí NG. Àwọn ojú ewé kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó máa ní àwọn lè ṣe IBAN Nàìjíríà fún yín. Wọ́n á kọ NG, wọ́n á ṣe ìṣirò 97, wọ́n á gbé nọ́ńbà tó dán jáde. Ìṣirò náà pé, ṣùgbọ́n kò sí báńkì kankan láyé tó mọ bí òun ṣe máa gé e, nítorí kò sẹ́ni tó fi gígùn tàbí ìtòlẹ́sẹẹsẹ kankan sílẹ̀ fún NG.

Bí ọmọ yín ní Hambọ́ọ̀gì bá fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sílé, tí fọ́ọ̀mù báńkì rẹ̀ sì ní kó kọ IBAN, kó wá ibi tí wọ́n kọ pé owó ń lọ sí òkèèrè tí kì í ṣe ilẹ̀ yúrò. Ibẹ̀, wọ́n máa gbà á láàyè láti kọ nọ́ńbà àkáǹtì lásán. Kó kọ NUBAN yín, nọ́ńbà mẹ́wàá láìsí lẹ́tà kankan níwájú, kó kọ orúkọ yín bó ṣe wà lọ́dọ̀ báńkì, kó wá kọ kóòdù SWIFT báńkì náà, irú bíi GTBINGLA. Lẹ́tà karùn-ún àti ìkẹfà níbẹ̀ ni NG.